Ẹyọ Kan Tí A Ń Yọ: Lámèyítọ́ lórí Òfin Pick

Bí a bá to àmì tó-tó-tó sójú ìwé ní ìlà òró àti ìlà ìbú, tí àlàfo àárín wọn sì dọ́gba níbi gbogbo, onígun mẹ́rin kékeré tí àmì mẹ́rin tó múlé ti ara wọn fi ṣe igun ni a lè pè ní ojú kan, kí a sì fi ojú náà díwọ̀n bí àwòrán tó wà lórí ìwé náà ṣe fẹ̀ tó. Georg Pick, onímọ̀ ìṣirò tí wọ́n bí ní ìlú Vienna ní ọdún 1859, tó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì àwọn elédè Jámánì ní ìlú Prague, fi hàn nínú àpilẹ̀kọ kan tó jáde ní ọdún 1899 pé kíkà lásán tó láti mọ fífẹ̀ àwòrán bẹ́ẹ̀, láìlo rúlà rárá. Iṣẹ́ náà kò tètè gbajúmọ̀, ìgbà tí Hugo Steinhaus ará Pólàndì fi í sínú ìwé tó kọ fún tọmọdé-tàgbà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tó mọ̀ ọ́n. Pick fúnra rẹ̀ kú sí àgọ́ tí àwọn Násì kó àwọn Júù sí ní Theresienstadt ní ọdún 1942.

Ohun tí òfin náà wí ni pé kí a ka àmì inú, ìyẹn àwọn tí ilà àwòrán yí ká láìfọwọ́ kàn wọ́n, kí a tún ka àmì ààlà, ìyẹn àwọn tí ilà náà gba orí wọn kọjá, títí kan àwọn tó wà ní igun. Bí N bá dúró fún àmì inú, tí L dúró fún àmì ààlà, tí F sì jẹ́ fífẹ̀ àwòrán náà, a ó rí i pé:

F = N + L/2 − 1

Òfin náà kò béèrè ju ohun méjì lọ: kí gbogbo igun àwòrán jókòó sórí àmì, kí ilà rẹ̀ má sì kọjá lórí ara rẹ̀ tàbí kan ara rẹ̀ níbikíbi.

Àwòrán onígun mẹ́rin kan tí kò gún régé yóò fi bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ hàn. Bí nọ́ńbà àkọ́kọ́ bá jẹ́ iye ìṣísẹ̀ sí apá ọ̀tún, tí èkejì sì jẹ́ iye ìṣísẹ̀ sókè, kí igun rẹ̀ wà ní (0,0), (6,2), (7,5) àti (2,4). Ojú tó bá yára wò ó yóò ka àmì ààlà mẹ́rin, nítorí pé igun mẹ́rin ló hàn gbangba, ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe sì ti máa ń wọlé, nítorí pé ilà tó dà gẹ̀rẹ̀ lè gba orí àmì kọjá láìjẹ́ kí ojú fura. Ọ̀nà tó dájú ni láti wo iye ìṣísẹ̀ ilà kọ̀ọ̀kan lọ́tùn-ún àti lókè, kí a sì wá nọ́ńbà tó tóbi jù lọ tó lè pín méjèèjì láìṣẹ́kù. Ilà tó lọ láti (0,0) sí (6,2) gba ìṣísẹ̀ 6 àti 2, 2 ló sì tóbi jù tó lè pín wọn, nítorí náà ilà náà pín sí ọ̀nà méjì ọgbọọgba, àmì kan sì wà láàrin, ní (3,1). Bákan náà ni ilà tó so (2,4) pọ̀ mọ́ (0,0) ṣe gba orí (1,2) kọjá. Ilà méjì yòókù gba ìṣísẹ̀ 1 àti 3, àti 5 àti 1. 1 nìkan ló lè pín wọn, kò sì sí àmì kankan láàrin wọn. Àmì ààlà wá di 6.

Àmì inú ni a ń kà ní ìlà-ìlà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: 2 ní ìlà kìn-ín-ní, 4 ní ìkejì, 5 ní ìkẹta, 4 ní ìkẹrin, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 15. Àmì (6,3) gba àkíyèsí, nítorí pé ó sún mọ́ ilà ọ̀tún débi pé ẹni tó fi ọwọ́ ya àwòrán lè rò pé orí ilà ló wà, bẹ́ẹ̀ inú ló wà, nítorí pé ilà ti fi ìdámẹ́ta ìṣísẹ̀ kan kọjá rẹ̀. Fífẹ̀ àwòrán náà jẹ́ 15 + 3 − 1, ìyẹn ojú 17. Ẹni tó bá ka (3,1) àti (1,2) mọ́ àmì inú yóò rí 18, ẹni tó bá sì gbàgbé wọn pátápátá yóò rí 16. Ìdajì ojú ni àṣìṣe lórí àmì ààlà kan máa ń fà, nítorí náà bí ìdáhùn ẹni méjì bá fi ìdajì kan yàtọ̀, orí ilà ni kí wọ́n kọ́kọ́ padà sí.

Ibi tí àwọn tó ń kọ́ni ní òfin yìí ti sábà máa ń sáré kọjá ni ẹyọ kan tí a ń yọ ní ìparí, bí ẹni pé ó jẹ́ àtúnṣe kékeré kan tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ há sórí. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni ẹwà òfin náà wà. Kí a ro ó pé àmì kọ̀ọ̀kan ń san ìpín tirẹ̀ fún àwòrán, gẹ́gẹ́ bí apá tí àwòrán gbà nínú òbìrípo tó yí àmì náà ká. Àmì inú ń san odindi 1, nítorí pé gbogbo àyíká rẹ̀ jẹ́ ti àwòrán. Èyí tó wà lórí ilà láàrin igun méjì ń san ìdajì. Àmì tó wà ní igun ni kò ní iye kan pàtó, ó lè san díẹ̀ tàbí púpọ̀ bí igun náà bá ṣe ṣí sí. Ṣùgbọ́n àpapọ̀ igun inú àwòrán onígun mẹ́rin jẹ́ dígírì 360, kì í yẹ̀, ìyẹn ni pé igun mẹ́rin náà ń san 1 péré, dípò 2 tí ìdajì-ìdajì ì bá mú wá. Bí igun bá di mẹ́wàá tàbí ọgọ́rùn-ún, ẹyọ kan náà ni yóò ṣì dín, nítorí pé ẹni tó bá rìn yí ààlà ká títí tó fi padà sí ibi tó ti gbéra, tó sì kọjú sí ibi tó kọjú sí tẹ́lẹ̀, ti yí ara rẹ̀ po lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyípo kan yẹn ni a ń yọ.

Ìdí tí àpapọ̀ ìpín wọ̀nyí fi bá fífẹ̀ mu ni pé gbogbo irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni a lè gé sí onígun mẹ́ta tí kò ní àmì mìíràn ju igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ̀ lọ. Bí a bá so méjì irú rẹ̀ pọ̀ di onígun mẹ́rin, a lè fi ẹ̀dà onígun mẹ́rin náà tẹ́ gbogbo ojú ìwé, àmì kan ni yóò sì kan ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, nítorí náà onígun mẹ́ta kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì ojú. Igun inú rẹ̀ náà jẹ́ dígírì 180, ìdajì òbìrípo.

Ẹni tó bá lóye èyí kò ní nílò òfin tuntun fún àwòrán tó ní ihò láàrin. Kí ẹnìkan ya onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gùn ní ìṣísẹ̀ 4, kí ó sì gé onígun mẹ́rin ìṣísẹ̀ 2 kúrò ní àárín rẹ̀ gan-an. Fífẹ̀ ohun tó kù jẹ́ 16 − 4, ìyẹn 12. Àmì ààlà jẹ́ 16 níta àti 8 létí ihò, kò sì sí àmì inú kankan, nítorí náà òfin náà yóò mú 11 jáde. Ẹyọ kan tó sọnù jẹ́ ti ihò: ilà etí ihò ń yí po sí òdìkejì ti ìta, nítorí náà ihò kọ̀ọ̀kan ń fi 1 kún un.

Ìmọ̀ yìí kan náà ló jẹ́ ká mọ ìdí tí òfin náà kò fi ṣeé gbé lọ sí ohun tó ní gígùn, ìbú àti gíga. Ní ọdún 1957, J. E. Reeve gbé ohun olójú mẹ́rin kan kalẹ̀ tí igun rẹ̀ wà ní (0,0,0), (1,0,0), (0,1,0) àti (1,1,r), níbi tí r ti jẹ́ odindi nọ́ńbà èyíkéyìí tó bá ti ju òdo lọ. Kò sí àmì kankan nínú rẹ̀ tàbí lára rẹ̀ yàtọ̀ sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, síbẹ̀ ààyè tó gbà jẹ́ ìdámẹ́fà r, ó sì ń pọ̀ sí i bí r ṣe ń ga. Àpapọ̀ ìpín tí igun irú ohun bẹ́ẹ̀ lè san kì í sì tó ìdajì láé, nítorí náà bí r bá ti di 6, tí ààyè sì pé odindi 1, iye àmì kò lè sọ nǹkan kan fún wa mọ́ nípa rẹ̀.