Dẹpirisíéṣọ̀n Kì í Ṣe Kóló

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan fi ìròyìn ọdún wọn hàn mí. Ìṣirò inú rẹ̀ mọ́, àmọ́ gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí mi ò lè gbójú fò: pé láàárín ọdún 5, dẹpirisíéṣọ̀n bọ́ọ̀sì wọn ti "kó mílíọ̀nù 10 náírà pa mọ́" tí wọn yóò fi ra òmíràn. Kò kó kọ́bọ̀ kan pa mọ́.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ìwé wọn. Mílíọ̀nù 12 ni wọ́n ra bọ́ọ̀sì náà. Wọ́n rò pé yóò ṣiṣẹ́ fún ọdún 5, àwọn á sì tà á ní mílíọ̀nù 2 nígbà tó bá gbó. Wọ́n wá pín mílíọ̀nù 10 tó kù sí ọ̀nà 5, mílíọ̀nù 2 lọ́dún. Ọjọ́ tí wọ́n ra ọkọ̀ ni owó ti jáde ní báǹkì. Láti ìgbà náà, ohun tí akọ̀wé owó ń ṣe lọ́dọọdún ni pé ó ń kọ mílíọ̀nù 2 sí ìnáwó, ó sì ń yọ iye kan náà kúrò lára iye bọ́ọ̀sì nínú ìwé. Kò fọwọ́ kan ìwé báǹkì rárá. Ọdún 5 ni ọkọ̀ fi ń pawó, ìdí nìyẹn tí ọdún kọ̀ọ̀kan fi gbọ́dọ̀ ru ìpín tirẹ̀ nínú iye tí wọ́n rà á.

Mo mọ ibi tí àṣìṣe náà ti wá. Ká ní owó ọkọ̀ ku mílíọ̀nù 5 lẹ́yìn epo àti owó awakọ̀. Dẹpirisíéṣọ̀n á sọ èrè di mílíọ̀nù 3. Bí wọ́n bá pín mílíọ̀nù 3 yẹn fún ọmọ ẹgbẹ́, mílíọ̀nù 2 á ṣẹ́ kù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èrò ọkọ̀ ló mú un wá. Bí èrò ò bá wọkọ̀, akọ̀wé á ṣì kọ mílíọ̀nù 2 rẹ̀, kò sì ní sí nǹkan kan nílẹ̀. Èyí tó sì ṣẹ́ kù pàápàá, ta ló ní kó dúró? Mo wo báǹkì wọn: ẹgbẹ̀rún 800 ló wà níbẹ̀. Wọ́n ti fi ìyókù yá àwọn ọmọ ẹgbẹ́.

Ká tiẹ̀ sọ pé gbogbo rẹ̀ wà. Mílíọ̀nù 10, pẹ̀lú mílíọ̀nù 2 tí wọ́n bá ta ògbólógbòó, jẹ́ mílíọ̀nù 12, iye àtijọ́ gan-an. Mílíọ̀nù 30 ni wọ́n ń pe irú bọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ fún wọn báyìí.

Ẹni tó bá fẹ́ ra òmíràn gbọ́dọ̀ ya owó sọ́tọ̀ ní báǹkì lọ́dọọdún, kó sì fi iye ọjà tòní ṣe ìṣirò rẹ̀. Irú owó bẹ́ẹ̀ á hàn láàárín ohun-ìní ẹgbẹ́, ní ìlà tirẹ̀. Bí ẹ ò bá rí i níbẹ̀, kò sí. Ní ti gbólóhùn wọn yẹn, kí wọ́n kọ ọ́ báyìí: "A ti ka mílíọ̀nù 10 nínú owó tí a fi ra bọ́ọ̀sì sí ìnáwó." Òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn.