Ìtumọ̀ Tó Lọ Tó Bọ̀: Ibo Ló Ti Ń Tan Wá Jẹ?

Láti ìgbà tí Yorùbá ti wọ inú Google Translate ní ọdún 2013 ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà yẹ iṣẹ́ ẹ̀rọ náà wò. Wọn á fi fóònù ya àwòrán ohun tí a kọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rọ á sọ ọ́ di Yorùbá, wọn á sì ní kó tún sọ Yorùbá náà padà di Gẹ̀ẹ́sì. Bí àwọn kókó ọ̀rọ̀ inú Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ bá pé sínú ìkejì, wọ́n gbà pé ìtumọ̀ náà dára. Ọ̀nà yìí wúlò, n kò sọ pé kò wúlò. Ṣùgbọ́n ibi tí a ti fọkàn tán an jù gan-an ló ti ń tan wá jẹ.

Ẹ jẹ́ ká fi oògùn adìẹ ṣe àpẹẹrẹ. Láti Ágíríìkì ní Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, kò ṣòro láti rí òbí tó ń sin adìẹ, ọmọ tó ń lọ sílé ìwé ni wọ́n sì máa ń pè pé kó wá ka ohun tó wà lára ọ̀rá oògùn. Ká ní ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni "Dissolve 10 g in 20 litres of water. Give for 5 days. Not for layers." Kí a tó wo ìtumọ̀ rárá, ó yẹ ká ti kọ kókó ọ̀rọ̀ sílẹ̀: 10 g, 20 lítà, ọjọ́ 5, "not" àti "layers". Bí a bá dúró di ìgbà tí a rí ìtumọ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ bá gbé jáde dáadáa ni ojú wa máa wá.

Ibi tí ọ̀nà yìí ti dára ni iye àti ọ̀rọ̀ ìkọ̀. Bí "not" bá sọnù lójú ọ̀nà, kò ní padà wá, a ó sì rí i kíá. Síbẹ̀, ẹ má gbàgbé pé ẹ̀rọ kọ́kọ́ ń ka lẹ́tà inú àwòrán kó tó túmọ̀ rẹ̀. Bí ọ̀rá bá rún tàbí tó ń dán, ó lè ka "g" sí 9, kí 10 g di 109. Ẹni tó bá fi èyí tó padà wá wé Gẹ̀ẹ́sì tí fóònù kọ sójú rẹ̀ máa rí 109 níhìn-ín, á rí 109 lọ́hùn-ún, á sì ní ó bára mu. Ọ̀rá tó wà lọ́wọ́ ni kí a fi wé e.

Wàyí o, ká wo "layers". Adìẹ tó ń yé ẹyin ni ọ̀rọ̀ yìí níbí, èyí tí àwọn ọlọ́sìn ń pè ní léyà. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tún ń lo ọ̀rọ̀ kan náà fún ohun tó wà ní ìpele-ìpele. Ká ní ẹ̀rọ wá kọ "Kì í ṣe fún àwọn ìpele." Bí a bá dá a padà, "Not for the layers" ló máa jáde. Kókó ọ̀rọ̀ márààrún pé, máàkì pé, ṣùgbọ́n adìẹ kankan kò sí nínú Yorùbá yẹn. Ìyá tó kà á á bu oògùn fún àwọn léyà rẹ̀, oògùn lè wọ inú ẹyin, ẹyin á sì dé orí tábìlì. Ká wá ní ẹlòmíràn kọ ọ́ dáadáa pé "Ẹ má ṣe fún adìẹ tó ń yé ẹyin." Èyí máa padà wá bíi "Do not give it to hens that lay eggs", "layers" kò sì ní sí níbẹ̀. Ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ lásán máa fún ìtumọ̀ tó burú ní máàkì, á sì fagi lé èyí tó dára.

Ọ̀rọ̀ tí a kò túmọ̀ rárá tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 2010, ìwádìí kan jáde lórí bí àwọn ilé oògùn ní agbègbè Bronx, ní ìlú New York, ṣe ń fi kọ̀ǹpútà kọ ìlànà oògùn ní èdè Sípáníìṣì. Lára ohun tí wọ́n tọ́ka sí ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà "once", tó lè ṣì wà bẹ́ẹ̀ láàárín Sípáníìṣì. Ẹ̀ẹ̀kan ni ní Gẹ̀ẹ́sì, mọ́kànlá ni ní Sípáníìṣì. Bí a bá fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ìdánwò ìtumọ̀ àdápadà, ó lè padà délé láìyí rárá, nítorí kò kúrò nílé.

Nítorí náà, àárín ni kí a ti wo kókó ọ̀rọ̀, ìyẹn nínú Yorùbá fúnra rẹ̀. Kí a ka Yorùbá náà sí ẹni tí kò rí ọ̀rá, kí a sì béèrè pé, "Màámi, adìẹ wo ni ẹ kò ní fún ní oògùn yìí?" Bí wọ́n bá ní "èyí tó ń yé", ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí wọ́n bá béèrè pé "Ìpele wo?", a ti rí ibi tó ti wọ́. Kìkì pé kí ẹni náà má ti mọ oògùn náà tẹ́lẹ̀. Richard Brislin, tó kọ̀wé lórí ìtumọ̀ àdápadà ní ọdún 1970, ti kìlọ̀ pé ẹni tó ń dá ọ̀rọ̀ padà lè fi òye ara rẹ̀ tún ìtumọ̀ tí kò dára ṣe. Ìyá tó ti ń sin adìẹ fún ogún ọdún lè gbọ́ "ìpele", kó sì dáhùn "léyà" láìmọ̀ pé òun ló tún un ṣe.