Léèsì Wúwo, Òwú Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti Oòrùn Ọ̀sán

Ní Òkè-Ìlá Ọ̀ràngún, ìta gbangba ni a ti ń ṣe ọ̀pọ̀ ìnáwó wa, ìbáà jẹ́ ìsìnkú àgbà tàbí ìgbéyàwó. Bí ìsìn bá ti parí, abẹ́ àtíbàbà ló kù, láti nǹkan bí aago méjìlá títí di aago mẹ́rin ọ̀sán. Bí ó bá wá bọ́ sí oṣù Ẹrẹ́nà, tí òjò kò tí ì rọ dáadáa, ooru ọ̀sán máa ń ju 30 lọ lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Kò sí ìgbà náà nínú ọdún tí a kì í bá léèsì olókùn, èyí tí a ń pè ní kọ́ọ̀dù léèsì, lọ́rùn èèyàn. Èmi tí mo ń fi abẹ́rẹ́ jẹun fẹ́ràn léèsì, n kò sì ní bú u. Ohun tí mo ń sọ ni pé aṣọ ìta gbangba kò yẹ kí a fi ojú aago mẹ́wàá àárọ̀ yàn án, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́ tán níwájú dígí. Aago mẹ́ta ọ̀sán, tí onílù bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ìnáwó, ni kí a fi wọ̀n ọ́n.

Àwọn kan á ní, ‘Ṣebí léèsì ní ihò, ṣé afẹ́fẹ́ kò ní gba ibẹ̀ wọlé ni?’ Ìbá gba ibẹ̀ wọlé, bí kì í bá ṣe láínìn. Ihò yẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí a lè rán léèsì lásán, a gbọ́dọ̀ fi nǹkan bo ìhòòhò, sátíìnì tàbí tafẹ́tà ni a sì sábà máa ń fi bò ó. Ẹ jẹ́ ká kà á láti ìdí obìnrin. Ìró máa ń ṣẹ́ lé ara rẹ̀ níwájú, nítorí náà léèsì àti láínìn rẹ̀ ti di ipele mẹ́rin. Yẹ̀rì abẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ di márùn-ún. Ìsàlẹ̀ bùbá tó bò ó mọ́lẹ̀ ní láínìn tirẹ̀, ìyẹn di méje, a ò sì tí ì ja ìpèlé mọ́ ọn. Bí a bá fi òwú rán irú aṣọ kan náà láìsí láínìn, ìró jẹ́ ipele méjì, yẹ̀rì ọ̀kan, bùbá ọ̀kan: mẹ́rin péré. Ooru tí à ń dá léèsì lẹ́bi, púpọ̀ rẹ̀ wà lọ́rùn ohun tí télọ̀ rán mọ́ ọn lábẹ́.

Ìyókù wà lọ́wọ́ òwú tí wọ́n fi hun ún. Ara máa ń tutù nígbà tí òógùn bá gbẹ lórí rẹ̀, òwú sì ń fa òógùn mu, á sì jẹ́ kó fẹ́ dànù. Pọliẹ́sítà kì í fẹ́ẹ̀ẹ́ mu omi rárá, bí òógùn bá dé ibẹ̀, àárín aṣọ àti ara ló ń dúró sí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí tó ń rà kí ó yọ fọ́nrán kan létí aṣọ, kí ó ṣáná sí i. Òwú á jó bíi bébà, á di eérú rírọ̀. Pọliẹ́sítà á yọ́, á ká jọ, á sì di kókó líle bó bá tutù. Ọjà kò fi bẹ́ẹ̀ sọ òótọ́ nípa èyí, torí orúkọ kan náà, léèsì, ni wọ́n fi ń pe méjèèjì. Lára àwọn léèsì tó ń wá sọ́dọ̀ wa láti agbègbè Lustenau ní Austria láti bí ọdún 1960 síwájú, àwọn kan wà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ ọnà sórí òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí à ń pè ní fọ́ìlì. Ìyẹn ni mo máa ń júwe fún ẹni tí kò lè gbàgbé léèsì: ó ní ọnà, kò sì wúwo.

Àtakò tó le jù ni ti ẹwà. Òwú máa ń rún, bí ènìyàn bá sì jókòó fún wákàtí kan, ẹ̀yìn rẹ̀ á ti ká. Òótọ́ ni. Òógùn abíyá sì máa ń hàn lára òwú aláwọ̀ ojú ọ̀run tàbí aláwọ̀ eérú ju ti léèsì lọ. Àmọ́ funfun kì í fẹ́ẹ̀ẹ́ fi í hàn, aró dúdú náà kì í fi í hàn, nítorí náà àwọ̀ ni kí a kọ́kọ́ yàn dáadáa. Bí ó bá jẹ́ pé rírún ni wàhálà, sítáàṣì díẹ̀ tó. Èyí tí ó bá pọ̀ jù ń dí ojú ihò òwú, aṣọ á wá le gbandi, a sì ti sọ òwú di láínìn nìyẹn. Kí abíyá bùbá fẹ̀ pẹ̀lú, torí aṣọ tó bá fún mọ́ abíyá ló ń tètè rẹ. Kì í sì í ṣe gbogbo òwú ló fúyẹ́: òwú ni kíjìpá, àmọ́ ó ki, ó sì wúwo, aṣọ ọ̀yẹ́ ni mo kà á sí.

Ẹni tí ẹbí ti mú léèsì wúwo fún, tí kò lè kọ̀ ọ́, kò tí ì pàdánù. Kí ó sọ fún télọ̀ pé òwú fọ́ìlì lásán ni òun ń fẹ́ fún láínìn, kí láínìn bùbá mọ láti òkè àyà dé ìbàdí, kí apá rẹ̀ wà lásán. Ní ti ìró, kí láínìn má ṣe kọjá ibi tí aṣọ ti pàdé ara, kí apá tó ṣẹ́ lé e lókè má ní kankan. Ipele kan ti lọ níbẹ̀, owó láínìn á sì dín kù.