Aago Mẹ́fà Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú

Ọmọbìnrin kan wà tó ń bá oníléèsì kan ní Balógun, l'Ékòó, kọ ìkéde sórí Wásáàpù. Ìkéde ẹ̀dínwó tó kọ ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn 2025 dára débi pé mo tún un kà bí ẹni ń yẹ aṣọ wò lójú oòrùn.

Èyí àkọ́kọ́ jáde ní ọjọ́ Ẹtì: “Léèsì ₦48,000 ti di ₦36,000. Ó parí ní Ọjọ́rú, 31 Oṣù Kejìlá, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà la ó ka ọjà inú ìsọ̀, owó rẹ̀ yóò sì padà sí ti tẹ́lẹ̀.” Kò kọ “ó ku ọjọ́ díẹ̀”. Kò tilẹ̀ kọ iye ọjọ́ tó kù, mo sì rò pé ó mọ ohun tó ń ṣe. Bí àwọn àgbà wa ṣe ń ka ọjọ́, òní wà nínú rẹ̀, ọ̀túnla sì ni ọjọ́ kẹta. Ẹni tó bá ń kà á bíi ti òyìnbó yóò bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀la. Oníbàárà méjì lè ka ọ̀rọ̀ kan náà, kí ọ̀kan dé nígbà tí ẹ̀dínwó ti parí. Orúkọ ọjọ́ àti aago kò ní irú ìjà bẹ́ẹ̀ nínú.

Ẹ tún wo aago mẹ́fà yẹn. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ni ì bá kọ aago méjìlá òru nítorí pé ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ní òru 31, ìdajì àwọn oníbàárà rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sí ẹni tó máa jókòó sí ìsọ̀ gbowó. Aago mẹ́fà ni wọ́n ń tilẹ̀kùn lóòótọ́. Nítorí àwọn tó wà lókè òkun, ó fi kún un pé aago Èkó ni: aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, mọ́kànlá àárọ̀ ní Hiúsítìn.

Ìkéde ọjọ́ Ajé ni mo fẹ́ràn jù. “Ẹ̀yin ará Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, ọkọ̀ tó máa gbé ẹrù wa kẹ́yìn lọ́dún yìí yóò gbéra lọ́la, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago méjì ọ̀sán. Bí ẹ bá sanwó lẹ́yìn aago méjì, ẹ̀dínwó ṣì jẹ́ tiyín títí di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ṣùgbọ́n ọdún tuntun ni aṣọ yóò tó dé ọwọ́ yín.” Gbèdéke méjì ló wà níbẹ̀, ti owó àti ti ọkọ̀, kò sì jẹ́ kí ọ̀kan wọ inú èkejì. Ó rọrùn láti pa wọ́n pọ̀, kí ẹ̀rù ọkọ̀ máa ti àwọn èèyàn sanwó. Ẹni tó fẹ́ wọ aṣọ náà lọ́jọ́ kìíní ọdún sáré. Ẹni tó ń rà á pamọ́ de ìgbéyàwó oṣù kejì fara balẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní kí ọmọ ìsọ̀ ka àwọn ìdì kí òun tó tẹ ohunkóhun. “Elése àlùkò ku mẹ́rin, a ò sì ní kó irú rẹ̀ mọ́. Aláwọ̀ ewé ṣì pọ̀, ẹ má wulẹ̀ sáré nítorí rẹ̀.” Ta ní ń sọ fún oníbàárà pé kó má sáré? Gbólóhùn kejì yẹn ló jẹ́ ká gba àkọ́kọ́ gbọ́. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, mẹ́rin ti di ọ̀kan, ó sì lọ tún un kọ, nítorí iye tó jẹ́ òótọ́ láàárọ̀ lè ti di irọ́ lálẹ́.

Ẹ fi èyí wé aago tó ń ka ìṣẹ́jú sẹ́yìn lórí àwọn ojú ìwé kan. Ẹ tún ojú ìwé náà ṣí, tàbí kí ẹ fi fóònù mìíràn wò ó: bí aago bá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò ka nǹkankan. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 2008 ti ka irọ́ pé ọjà kò ní pẹ́ tán mọ́ ìwà tí a kà léèwọ̀ pátápátá. Òfin ìdíje òwò àti ààbò oníbàárà ti Nàìjíríà, ti 2018, náà kò fàyè gba ìpolówó tó ń ṣini lọ́nà.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn ní wàhálà tirẹ̀. Owó tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ ní aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú méjì lè má dé báńkì títí di aago mẹ́fà kọjá. Láàárọ̀ ló ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé aago tó wà lórí rìsíìtì olówó lòun yóò tẹ̀ lé. Kò sí àríyànjiyàn.

Ní 2 Oṣù Kìíní, oníbàárà kan bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi ọjọ́ kan kún un. Bí wọ́n bá gbà, ẹni tó sáré ní Ọjọ́rú ti di òmùgọ̀, kò sì sí ẹni tó máa ka ìkéde Oṣù Kejìlá tó ń bọ̀ sí. Èsì ọmọbìnrin náà rèé: “Ẹ kú ọdún, mà. Ẹ̀dínwó parí ní Ọjọ́rú, ₦48,000 ni báyìí. Elése àlùkò ti tán, aláwọ̀ ewé wà. Ṣé kí n yà á sọ́tọ̀ fún yín?”