Àpò Lẹ́ńtílì Tí Kò Tètè Tán

Nínú ilé ìdáná àbúrò mi obìnrin ní Peckham, ìwọ̀n ló máa ń kọ́kọ́ gorí tábìlì kí ìkòkò tó gorí iná. Ìwọ̀n pẹlẹbẹ kékeré ni, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò. Ó gbé abọ́ lé e, ó tẹ bọ́tìnnì kí nọ́ńbà padà sí òdo, ó sì ń da lẹ́ńtílì pupa sínú abọ́ náà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó di 93, ó fi ìka méjì bu díẹ̀ padà sínú àpò, ó di 90. Mo fẹ́ bá a da yànmọ̀tí sínú àwo kan, ó dá mi dúró: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì dà á, n kò tíì wọ̀n ọ́n.”

Irin ló ń gbé. Ìsọ̀rí àwọn obìnrin tí kò ju kílò 63 lọ ló ti ń díje, òun fúnra rẹ̀ sì wọn kílò 62. Ó ti pé ọdún mẹ́rin báyìí tí kò fẹnu kan ẹran, ẹja, ẹyin tàbí mílíìkì màlúù. Ohun tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ eléré ìdárayá sábà máa ń sọ ni pé kí irú wọn máa jẹ pùrótíìnì, èròjà tó ń mú ara dàgbà, ní gíráàmù 1.4 sí 2 lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tí wọ́n wọ̀n. Òun mú 1.8, nítorí pé ara kì í fa ti inú ẹ̀wà àti kóró tán bó ṣe ń fa ti ẹyin. Ìlọ́po rẹ̀ pẹ̀lú 62 lé díẹ̀ ní 111. Ó kọ 112 sára fíríìjì.

Pùrótíìnì dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. Oríṣi ìlẹ̀kẹ̀ náà jẹ́ 20. Ara lè fúnra rẹ̀ ṣe èyí tó pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n 9 wà tó jẹ́ pé ẹnu nìkan ni wọ́n ń gbà wọlé. Tí a bá jẹun tán, ara á tú okùn náà, á sì tún un sín bó ṣe wù ú. Bí oríṣi kan bá tán, iṣẹ́ dúró, bó ti wù kí ìyókù pọ̀ tó. Lẹ́ńtílì, ẹ̀wà tí Ísọ̀ torí ọbẹ̀ rẹ̀ ta ogún ìbí, ní ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n ń pè ní láísìnì dáadáa, ṣùgbọ́n mẹtiónínì rẹ̀ kù díẹ̀ káàtó. Yànmọ̀tí ní mẹtiónínì, láísìnì ni kò tó nínú tirẹ̀. Sóyà ní gbogbo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ní ìwọ̀n tó dára, òun ló sì gbé ẹrù tó wúwo jù nínú oúnjẹ rẹ̀.

Ní ọdún 1971, Frances Moore Lappé kọ ìwé kan ní Amẹ́ríkà tó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé inú abọ́ kan náà ni irú oúnjẹ wọ̀nyí gbọ́dọ̀ ti pàdé. Nígbà tó tún ìwé náà tẹ̀ ní 1981, òun fúnra rẹ̀ yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ara ń fi ìlẹ̀kẹ̀ àárọ̀ pa mọ́ de ti alẹ́. Ìdí nìyẹn tí àbúrò mi fi ń pín tirẹ̀ káàkiri ọjọ́, ibi tó sì ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ni mo gbádùn láti máa wò.

Láàárọ̀, ó máa ń jẹ ọ́ọ̀tì tó fi mílíìkì sóyà sè, pẹ̀lú yànmọ̀tí. Ó yan yànmọ̀tí náà, ó sì lọ̀ ọ́, nítorí pé èyí tí a bá gbé mì lódindi lè gba inú kọjá láìfọ́. Gíráàmù 20 nìyẹn. Ọ̀sán ni ti lẹ́ńtílì àti ìrẹsì: 27. Kò jẹ́ kí lẹ́ńtílì sún mọ́ àkókò irin, torí pé ó ń kún inú, ó sì ń fa afẹ́fẹ́. Ènìyàn ò sì lè fún ikùn pinpin lábẹ́ irin nígbà tí inú bá wú. Tó bá ti ibi irin dé, wàrà sóyà gíráàmù 200 àti búrẹ́dì méjì: 35. Lálẹ́, ó sè sóyà gbígbẹ tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ kúrò, gíráàmù 50, sínú ẹ̀fọ́ tó fi ẹ̀gúsí 20 péré sí: 31. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 113.

Mo bi í pé kí ló dé tí ẹ̀gúsí fi kéré tó bẹ́ẹ̀, nígbà tí pùrótíìnì inú rẹ̀ ju ti lẹ́ńtílì lọ. Ó ní kí n ṣírò òróró rẹ̀. Ẹ̀gúsí tó lè dá gbé 112 jẹ́ gíráàmù 400, òróró inú rẹ̀ á sì lé ní 180. Ẹni tó ní kílò kan péré láàárín òun àti òpin ìsọ̀rí rẹ̀ ò lè ná irú owó bẹ́ẹ̀. Ó gba kóró láyè fún mẹtiónínì àti adùn, ó sì dá a dúró níbẹ̀.

Wàrà tó ń rà láàárín ọ̀sẹ̀ ní àkọlé lára, 14 nínú 100. Ti ọjọ́ Sátidé, òun ló ń ṣe é bí ìyá wa ṣe kọ́ wa ní Ìbàdàn. Ó rẹ sóyà mọ́jú, ó lọ̀ ọ́, ó fi aṣọ sẹ́ ẹ. Ìgbà tó bá gbé e kaná ni kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀. Omi sóyà máa ń ru sókè kó tó jiná, ìfófòó rẹ̀ á sì kún dé ẹnu ìkòkò bí ohun tó ti hó. Ẹni tó bá sọ ọ́ kalẹ̀ nígbà náà gbé e kalẹ̀ ní tútù: èròjà kan wà nínú sóyà tútù tí kì í jẹ́ kí ara lè tú pùrótíìnì, ooru ló sì ń pa á. Ó dín iná kù, ó ń rò ó, ó jẹ́ kó hó gan-an fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i, títí òórùn ẹ̀wà tútù yóò fi lọ. Lẹ́yìn náà ló da omi ògì kíkan sí i. Bí omi tó yà sọ́tọ̀ bá ṣì funfun, ó fi díẹ̀ kún un. Bó bá mọ́, tó pọ́n díẹ̀, ó ti dì nìyẹn. Èyí kò ní àkọlé, omi tó kù nínú rẹ̀ sì ń yàtọ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, nítorí náà 10 nínú 100 ló ń kà á sí, bó tilẹ̀ ṣeé ṣe kó jù bẹ́ẹ̀. Ó ń gé wàrà púpọ̀ sí i lọ́jọ́ náà.

Oògùn oníhóró kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n, fítámì B12. Kò sí ẹ̀wà tàbí kóró tó lè fún un ní ìyẹn.

Ìwọ̀n yìí ti tàn án jẹ rí. Ní ọdún àkọ́kọ́, irin tó ń gbé dúró sójú kan, ẹsẹ̀ á máa dùn ún di ọjọ́ kẹta, bẹ́ẹ̀ ìwé rẹ̀ ń sọ pé 112 ń pé. Àpò lẹ́ńtílì ló tú àṣírí. Kílò kan, tí ènìyàn bá ń bu 90 lójúmọ́, yẹ kó tán lọ́jọ́ kọkànlá. Tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé oṣù kan. Lẹ́ńtílì tó ti jiná, tó ti mu omi yó, ló ń wọ̀n, ó sì ń kọ iye ti gbígbẹ sílẹ̀. Gíráàmù 90 tó ti jiná kò ní ju 8 lọ. 22 ló ń kọ. Mẹ́rìnlá ń sọnù lójoojúmọ́.

Látìgbà náà ló ti ń kọ ọjọ́ tó tú àpò sára rẹ̀. Èyí tó wà lórí tábìlì lọ́jọ́ tí mo wà níbẹ̀, ọjọ́ kẹsàn-án rẹ̀ nìyẹn. Ó gbé e sókè, ó mì ín létí, ó ní ó ku ẹ̀ẹ̀mejì.