Wákàtí Tí Ọwọ́ Fi Jó Irin

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ wẹ́dà kì í pariwo. Ṣùgbọ́n tó bá di ìrọ̀lẹ́, tó bá fa ìwé wákàtí àwa ọmọ iṣẹ́ yọ, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á pa rọ́rọ́. Kì í kọ́kọ́ wo ìwé. Agolo mílíìkì ló máa ń nawọ́ sí, torí ọmọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní agolo tirẹ̀ tí wọ́n so mọ́ ìdí tábìlì, inú rẹ̀ la sì ń ju kùkùté ẹlẹ́kítíródù sí bá a ṣe ń jó o tán lọ́kọ̀ọ̀kan. Á dà á sílẹ̀, á fi ìka pín in yẹ́lẹyẹ̀lẹ, lẹ́yìn náà ló tó máa ṣí ìwé. Títí di òní, mi ò tíì rí ẹni tó mọ ìwé wákàtí yẹ̀ wò bí ọkùnrin yẹn. Ohun tí mò ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Karmo, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ.

Nígbà tiwa, ọdún la fi ń ka iṣẹ́. Ọdún mẹ́ta, ọdún mẹ́rin, ká se ìrẹsì, ká ṣe fírídọ̀ọ̀mù, ó parí. Ọ̀gá mi nìkan ló ń da ara rẹ̀ láàmú pẹ̀lú wákàtí, nígbà tí kò sẹ́ni tó bi í. Ní ọdún 2013 ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ètò ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ tí a ń pè ní NSQ, èyí tó wà lábẹ́ àbójútó NBTE tí olú ilé-iṣẹ́ wọn wà ní Kaduna. Ètò yìí pín iṣẹ́ sí ẹ̀ka-ẹ̀ka. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ní iye krẹ́díìtì tirẹ̀, krẹ́díìtì kan sì jẹ́ wákàtí mẹ́wàá. Wákàtí nìkan kò lè fún èèyàn ní ìwé-ẹ̀rí o. Olùyẹ̀wò gbọ́dọ̀ rí i pé ọwọ́ ọmọ náà lè ṣe é, àkójọ ẹ̀rí sì gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé wákàtí ni olùyẹ̀wò fi ń mọ̀ bóyá ohun tó rí lọ́jọ́ náà jẹ́ ohun tí ọmọ náà ti ń ṣe bọ̀, tàbí ohun tó ṣèèṣì bọ́ sí i. Lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, ètò ọmọ iṣẹ́ tí ìjọba bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ tó sì ń fi àkókò wọn ìmọ̀, ó kéré tán wákàtí 2,000 ni ọmọ gbọ́dọ̀ fi ṣiṣẹ́, wọ́n sì dámọ̀ràn wákàtí 144 nínú kíláàsì lọ́dọọdún. Kì í ṣe Karmo nìkan ni wọ́n ti ń kà á.

Bí a ṣe ń kọ ọjọ́, àkókò ìwọlé àti àkókò ìjáde, gbogbo ẹni tó bá ti ní ọmọ iṣẹ́ ló mọ̀ ọ́n. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ohun tí a ń yọ kúrò. Ọjọ́ Ajé kan, ọmọ kan wọlé ní aago mẹ́jọ, ó jáde ní aago márùn-ún. Wákàtí mẹ́sàn-án nìyẹn. Ẹ yọ wákàtí kan oúnjẹ. Ẹ yọ wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n mú iná lọ, tí epo kò sí nínú jẹnẹrétọ̀. Ẹ yọ àádọ́ta ìṣẹ́jú tí mo fi rán an lọ ra dísìkì, tí wọ́n sì ní kó bá oníbàárà gbé férémù dé ìdí mọ́tò. Wákàtí márùn-ún àti àádọ́ta ìṣẹ́jú ló kù. Ìyẹn la máa wá pín: gígé, 2:15, títò àti dídè, 2:05, jíjó, 1:30. Ẹ rò ó pọ̀, ó gbọ́dọ̀ bá 5:50 mu. Tí kò bá bá a mu, ẹ má kọ ọjọ́ kejì sílẹ̀ títí ẹ ó fi rí ibi tó ti yà.

Ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù ti ba ìwé ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ jẹ́. Ẹ wo ìlà jíjó fún ọ̀sẹ̀ kan: 1:30, 2:45, 0:50, 3:20, 1:55. Ọmọ á tẹ 1.30, á fi 2.45 kún un, títí dé òpin, fóònù á sì sọ fún un pé wákàtí mẹ́sàn-án géérégé ni. Irọ́ ni. Wákàtí tó wà níbẹ̀ jẹ́ méje, ìṣẹ́jú jẹ́ 200, igba ìṣẹ́jú sì jẹ́ wákàtí mẹ́ta àti ogún ìṣẹ́jú. Àpapọ̀ jẹ́ 10:20. Ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú ni ẹ̀rọ ń kà sí wákàtí kan, nítorí náà ogójì ìṣẹ́jú ń ṣòfò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ náà ṣiṣẹ́, ìwé sì jẹ ẹ́ ní wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú. Àwọn tó ń lo Excel náà, kí wọ́n rí i pé ibi àpapọ̀ wà ní `[h]:mm`. Bó bá jẹ́ `h:mm` lásán, tó bá ti kọjá wákàtí 24, á tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo, 34:20 á sì hàn bíi 10:20. Ọ̀gá mi kò mọ Excel. Ìwé ló fi ń ṣe é: á ro wákàtí lọ́tọ̀, á ro ìṣẹ́jú lọ́tọ̀, á fi ọgọ́ta pín ìṣẹ́jú, ohun tó bá jáde ló máa gbé lọ bá wákàtí.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí agolo, torí agolo ni iṣẹ́ gan-an. Ẹlẹ́kítíródù gééjì 12, tó nípọn tó mìlímítà méjì àbọ̀, kì í ju ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ lọ kó tó jó tán. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jó irin kì í jó o láìdúró. Á kan ìdàrọ́ kúrò, á fi búrọ́ọ̀ṣì nù ún, á yí iṣẹ́ padà, á tún un dì, á wo ojú ibi tó jó. Nínú wákàtí kan gbáko, ìdá mẹ́rin àkókò tí iná fi ń tàn lójú irin ti pọ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, ọmọ iṣẹ́ tó bá ń jó dáadáa á rí bíi kùkùté mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárín wákàtí kan. Nítorí náà, bí ìwé bá ní Ọjọ́bọ̀ jẹ́ 3:20, ọgbọ̀n kùkùté ó kéré tán ló yẹ kó wà nínú agolo lọ́jọ́ náà. Bó bá jẹ́ mẹ́rìnlá ni mo bá níbẹ̀, ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀.

Mo rántí irú Ọjọ́bọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá kò bínú. Ó ní, "Wákàtí mẹ́ta tó wà níbí yìí, ta ló jó o?" Ọmọ náà dá a lóhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n ni, sà. Èmi ni mo bá wọn dì í mú." Bọ́gúlárì fèrèsé ńlá kan ni, ẹ̀gbọ́n ló jó o, òun di irin mú kó má yẹ̀. Ọ̀gá kò pa wákàtí rẹ̀ rẹ́. Ó fà á láti abẹ́ jíjó, ó gbé wákàtí méjì lọ sábẹ́ títò àti dídè, torí ẹni tó di irin mú ti kọ́ bí a ṣe ń tò ó. Ìyẹn ló mú kí n fẹ́ràn ọkùnrin náà: kò jẹ́ kí wákàtí ọmọ ọlọ́mọ ṣòfò, kò sì jẹ́ kó jókòó síbi tí kì í ṣe tirẹ̀.

Iye kùkùté nìkan kọ́ ló ń wò. Gígùn rẹ̀ ńkọ́? Kùkùté tó yẹ kò gbọ́dọ̀ ju bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lọ. Bí wọ́n bá gùn tó ìka àárín, tí èèpo ara wọn sì ti fọ́, tí orí wọn tẹ̀, á jẹ́ pé ẹlẹ́kítíródù ń lẹ̀ mọ́ irin, ọmọ náà ń fi ipá já a, ó sì ń jù ú nù. Ọgbọ̀n irú kùkùté bẹ́ẹ̀ kì í ṣe wákàtí mẹ́ta jíjó. Ọ̀gá máa ń tò wọ́n sórí tábìlì, kúkúrú lápá kan, gígùn lápá kejì, á sì kọ iye méjèèjì sí etí ìwé. Bí oṣù ṣe ń gorí oṣù, òkìtì gígùn á máa dín kù. Mo ń ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Àwọn ọ̀gá kan ládùúgbò ní ìdọ̀tí lásán ni. Kò kàn mí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kó wá wo agolo.

Ohun tó ń bí mi nínú ni ìwé tí wọ́n kọ ní alẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n gbé irú rẹ̀ wá fún mi láti ibì kan tí wọ́n ti ní àwọn ń kọ́ ọmọ níṣẹ́, pé kí n bá wọn fọwọ́ sí i. Bíìrò kan náà láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Aago mẹ́jọ sí aago mẹ́rin lójoojúmọ́, ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá wà níbẹ̀, ọjọ́ Iléyá náà wà níbẹ̀. Odindi oṣù mẹ́fà, iná kò lọ lẹ́ẹ̀kan! Mo dá a padà fún wọn. Ọmọ tí wọ́n kọ ọ́ fún kò lè to igun férémù kó gún régé, òun ni wọ́n ń yàn jẹ.

Ìyẹ̀wò tó ṣáájú ìwé-ẹ̀rí, ẹ̀ka ni a fi ń ṣe é, kì í ṣe àpapọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi iye kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ìdáàbòbò ara jẹ́ krẹ́díìtì méjì, gígé mẹ́ta, títò mẹ́rin, jíjó mẹ́fà. Wákàtí 20, 30, 40 àti 60 nìyẹn, àpapọ̀ 150. Ọmọ kan dé, ìwé rẹ̀ ní 24:00 fún ìdáàbòbò, 41:00 fún gígé, 52:00 fún títò, 47:30 fún jíjó. Ẹ rò ó: 164:30. Ọ̀pọ̀ á kí i kú oríire. Ṣùgbọ́n jíjó kò pé, wákàtí méjìlá àbọ̀ ló kù, kò sì sí bí gígé tó ṣẹ́kù ṣe lè dí i. Bó bá ń rí wákàtí mẹ́fà jó lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì kò ní tó. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni yóò pé. Ẹni tó bá dúró títí di ọ̀sẹ̀ ìyẹ̀wò kó tó ro ẹ̀ka ti pẹ́ jù. Oṣooṣù ni mo ń rò ó, torí ọ̀gá kan lè máa fi ọmọ gé irin láti àárọ̀ dalẹ́, kó má fún un ní ẹlẹ́kítíródù, kí àpapọ̀ sì máa dára lójú.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tèmi wà nírú ipò yìí lọ́wọ́lọ́wọ́. Gígé rẹ̀ ti kọjá, jíjó rẹ̀ ló ń jó rẹ̀yìn, ó sì jẹ́ pé jíjó olóòró ló kù díẹ̀ káàtó fún un. Géètì kan tí a gbà ní Dape, irin rẹ̀ ti dé láti Dei-Dei. Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó kúrò nídìí òpó méjèèjì, ọmọ yìí ni yóò jó wọn láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Mo ti da agolo rẹ̀ nù, mo sì kọ ọjọ́ sí i lára, kí kùkùté òpó má bàa dàrú mọ́ ti àtẹ̀yìnwá.