Iṣẹ́ Ọwọ́ Nínú Lẹ́tà Ẹ̀sùn sí Òtẹ́ẹ̀lì

Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́tà ẹ̀sùn ló ń fi hàn pé akẹ́kọ̀ọ́ èdè ti kúrò ní ìpele ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀ ni, kò sí "ṣé àlàáfíà lẹ wà" níbẹ̀. Lẹ́yìn àdírẹ́sì méjèèjì, déètì, ìkíni ṣókí àti àkọlé, ẹ̀sùn ló kàn.

Ká ní oníbàárà kan san ₦60,000 sílẹ̀ fún yàrá oníbẹ́ẹ̀dì méjì, òru méjì, ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Àjàó Ẹ̀sítéètì, nítòsí pápákọ̀ òfurufú. Yàrá oníbẹ́ẹ̀dì kan, ₦20,000 lóru, ni wọ́n fún un. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọṣẹ́, tó ń kọ lẹ́tà náà bí ẹni pé òun ni oníbàárà yìí, kò ní pe ẹnikẹ́ni ní olè. Á kọ nọ́ńbà rísíìtì, ọjọ́ tó sanwó, ohun tó sanwó fún àti ohun tó bá. Á wá béèrè ìyàtọ̀ owó náà, ₦20,000, á sì dá ọjọ́ fún èsì. Ẹ̀dà rísíìtì ló ń fi ránṣẹ́. Ojúlówó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ àsọjù ló sábà ń ba irú lẹ́tà yìí jẹ́, ju ìbínú lọ: ọ̀wọ̀ á pọ̀ débi pé máníjà ò ní mọ iye tí wọ́n ń béèrè. Bí ẹni tí kò mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà bá kà á tí kò lè dárúkọ iye owó náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tún lẹ́tà náà kọ. Bí òtẹ́ẹ̀lì bá dákẹ́, lẹ́tà yìí kan náà ni ẹ̀rí níwájú àjọ ìjọba àpapọ̀ tí òfin ọdún 2018 gbé kalẹ̀ láti dáàbò bo oníbàárà.